Dírípù Ti Ń Bọ́ Ọ Kí Oúnjẹ Tó Dé: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Kan n'Ìbàdàn

Ẹni ọdún 47 ni ìyá náà, ọjà Bódìjà ló ti ń ta ẹ̀lùbọ́. Nimóníà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, irú èyí tó ti gba ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, kò lè mí dáadáa mọ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ki túùbù bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn mí. Wọ́n fún un ní noradirẹnalíìnì láti gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n sì fi propofọ́ọ̀lù mú un sùn kí ó má bàa bá ẹ̀rọ jà. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan ìṣirò tí mo fẹ́ sọ.

Èmi ni dáyẹtíṣàn, ìyẹn onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn, tí wọ́n pè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kọ́ ló yẹ kí wọ́n pè mí, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń já wálẹ̀, tí wọ́n sì ń fi noradirẹnalíìnì kún noradirẹnalíìnì, ìfun kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó, oúnjẹ tí a bá sì rọ́ sínú rẹ̀ lásìkò yẹn lè ba ìfun jẹ́. A máa ń dúró kí ara fara balẹ̀, àmọ́ a kì í fẹ́ kó kọjá wákàtí 48. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń dín noradirẹnalíìnì rẹ̀ kù, ìtọ̀ ń jáde, ikùn sì rọ̀. Àkókò tó láti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti kọ àṣẹ oúnjẹ sínú fáìlì kí n tó dé: kálórì 1,500 lójúmọ́ nípasẹ̀ túùbù imú. Ohun tó ṣe kò ṣòro láti mọ̀. Ó mú òṣùwọ̀n ara, kílò 60, ó fi kálórì 25 fún kílò kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀. Inú ìwé ni 25 yẹn ti wá lóòótọ́. Tí kò bá sí ẹ̀rọ tí ń wọn èémí láti mọ iye agbára tí ara ń jó, 20 sí 25 ni gbogbo wa ń lò. Àwa náà kò ní ẹ̀rọ yẹn. Ohun tí òǹkà yẹn kò sọ ni pé gbogbo kálórì tó wọ ara ni, kì í ṣe ti oúnjẹ túùbù nìkan, àti pé kì í ṣe ọjọ́ kejì ni a ń dé ibẹ̀.

Mo kọ́kọ́ yẹ kílò 60 yẹn wò. Aláìsàn tí wọ́n ti fún ní omi púpọ̀ máa ń wú. Ẹsẹ̀ ìyá yìí ti ń dán, ìka sì ń wọlé síbi ojúgun rẹ̀. Ẹni bá gbé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, omi ló ń wọ̀n mọ́ ara. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbà wá: ó mú káàdì kílíníìkì ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀ wá láti ilé, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n níbẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú. Kílò 60 ni. A fi téèpù wọn gíga rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láti orí dé gìgísẹ̀, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 160. Kò sanra jù, kò sì rù. Òṣùwọ̀n yẹn dúró.

Lẹ́yìn náà ni mo wo òkè, níbi tí àwọn dírípù fi kọ́.

Dẹ́sítírósì-sálàìnì ló wà níbẹ̀, èyí tí í máa wà lórí ọ̀pá dírípù ní gbogbo ilé ìwòsàn wa bí ẹni pé ọ̀pá náà ló bí i. Mílílítà 125 ló ń lọ ní wákàtí kan. Ní wákàtí 24, ìyẹn jẹ́ lítà mẹ́ta. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ṣúgà, nítorí náà gíráàmù 50 ló wà nínú lítà kan, 150 nínú mẹ́ta. Gíráàmù ṣúgà inú dírípù kan ń fúnni ní kálórì 3.4. Ẹ má lo 4 tí a ń lò fún ṣúgà inú oúnjẹ, nítorí omi wà lára ṣúgà inú dírípù. 150 lọ́nà 3.4 jẹ́ kálórì 510.

Propofọ́ọ̀lù wà nínú sírínjì ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó funfun bíi mílíìkì. Ọ̀rá ló sọ ọ́ di funfun. Oògùn náà kì í yòrò nínú omi, nítorí náà òróró sóyà ni wọ́n fi gbé e, mílílítà kọ̀ọ̀kan sì ń fúnni ní kálórì 1.1. Mílílítà 15 ló ń lọ ní wákàtí kan, ìyẹn 360 lójúmọ́, èyí tó jẹ́ kálórì 396. Ẹ kíyè sí ohun kan níbí: 1% tí wọ́n kọ sára ìgò kì í ṣe ti ọ̀rá, oògùn ni wọ́n ń sọ. Èyí tí wọ́n kọ 2% sí lára ní ọ̀rá kan náà nínú mílílítà, bẹ́ẹ̀ ni oògùn inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ń lò ó yóò gba ìdajì ọ̀rá fún oorun kan náà. Nítorí náà, ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó ṣírò.

Ẹ wá fi 510 kún 396. Kálórì 906 ló ti ń wọ ara ìyá yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un lóúnjẹ, ìyẹn 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kò sì sí bínńtín purotéènì nínú rẹ̀. Tí a bá gbé 1,500 ti àṣẹ náà lé e lórí, ó di 2,406. Kálórì 40 fún kílò nìyẹn, fún ẹni tí kò gbé apá. Kábọ̀ńdáyọ́ksáìdì tí ara yóò máa tú jáde láti jó irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ nìkan tó láti mú kí ẹ̀rọ ìmí ṣiṣẹ́ pọ̀ sí i, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa gòkè.

Ṣúgà ọ̀hún ti ń gòkè ná. Nọ́ọ̀sì tó wà ní bẹ́ẹ̀dì fi ìwé hàn mí: 238 lórí ẹ̀rọ ìka, nígbà tí a kò fẹ́ kó kọjá 180. Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ínsúlíìnì. Mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀, ká kọ́kọ́ mú ohun tí ń gbé e sókè kúrò.

Àmọ́ ṣúgà kọ́ ló dẹ́rù bà mí jù, fọ́sífétì ni, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ kan tí iṣan nílò. Nígbà tó wọlé, 0.92 ni fọ́sífétì rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, 0.55. Potásíọ̀mù pàápàá ti wálẹ̀ sí 3.1.

Mo bi ọmọ rẹ̀ léèrè bí ìyá ṣe jẹun kí wọ́n tó gbé e wá.

"Àǹtí, ó tó ọjọ́ mẹ́fà tí kò jẹ nǹkan gidi. Ògì olómi ló ń mu, ìyẹn náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní ẹnu òun ń korò."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ti pẹ́ láìjẹun máa ń fi ọ̀rá ara rẹ̀ gbéra, fọ́sífétì inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á sì ti dín kù láìhàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ tí ṣúgà bá padà wọlé, ínsúlíìnì ara rẹ̀ á ru sókè, á sì kó fọ́sífétì, potásíọ̀mù àti magínísíọ̀mù wọ inú sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ á ṣófo. Bí fọ́sífétì bá wálẹ̀ ju 0.65 lọ, tàbí tó bá fi ju 0.16 lọ jábọ́ lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ènìyàn, àpẹẹrẹ pé èyí ń ṣẹlẹ̀ ni. Tirẹ̀ fi 0.37 jábọ́. Àwọn dókítà rò pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ, dírípù ti bẹ̀rẹ̀ láti àná. Èémí tó yá jù lórí ẹ̀rọ náà lè lé fọ́sífétì wọ sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà a wo àyẹ̀wò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kábọ̀ńdáyọ́ksáìdì kò sì kéré rárá. Ṣúgà ló jẹ̀bi. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ ni pé iṣan tí ń gbé èémí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí fọ́sífétì. A lè máa gbìyànjú láti yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ìdí tí kò fi lè mí fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí dírípù ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

Mo lọ bá dókítà àgbà. Kò jiyàn púpọ̀, àfi lórí propofọ́ọ̀lù. Ó ní tí òun bá dín in kù, ìyá yóò máa wúkọ́, yóò sì máa bá túùbù jà. Òtítọ́ ni. Midasólàmù, oògùn oorun mìíràn, kò ní ọ̀rá, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó jáde lára, kò sì yẹ ká torí kálórì mú ẹnikẹ́ni sùn pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n fún un ní oògùn ìrora tó tó ná, nítorí ìrora túùbù wà lára ohun tí ń jí i. Bí wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, propofọ́ọ̀lù wálẹ̀ sí mílílítà 10 ní wákàtí kan láìsí wàhálà. Ọ̀rá ti 15 ìṣáájú pàápàá kò tíì burú fúnra rẹ̀: gíráàmù 36 lójúmọ́, 0.6 fún kílò, nígbà tí òkè tí a kì í kọjá fún gbogbo ọ̀rá inú iṣan jẹ́ 1.5. A kàn ní kí wọ́n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Dẹ́sítírósì-sálàìnì ni wọ́n yọ pátápátá. Wọ́n fi ríńgà, dírípù oníyọ̀ tí kò ní ṣúgà, rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń wo ṣúgà ìka ní wákàtí méjì méjì kó má lọ já wálẹ̀ lójijì. Nígbà tó fi di alẹ́, 162 ni. Kò gba ínsúlíìnì kankan.

Àṣẹ tuntun tí a kọ nìyí. Fún wákàtí 48, gbogbo kálórì láti ibi gbogbo kò gbọdọ̀ ju bíi 600 lọ, ìyẹn 10 fún kílò. Propofọ́ọ̀lù 10 ní wákàtí kan ń mú 264 wá. Ó ku bíi 350 fún oúnjẹ. Fítámínì B1 wọ iṣan rẹ̀ kí oúnjẹ àkọ́kọ́ tó wọlé, nítorí ṣúgà kò lè jó dáadáa láìsí i, ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́fà kò sì ní i nípamọ́. Fọ́sífétì àti potásíọ̀mù ń lọ nínú iṣan, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá náà ọkùnrin dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Àgbà ni, mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Wọ́n ní ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Ẹni tí ò tíì jẹun, ẹ tún wá ń dín oúnjẹ ẹ̀ kù? Ṣé ebi ò ní ṣáájú àìsàn pa á?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ebi pa á. Omi tí ẹ rí tó ń kán yẹn, ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, ó ti ń wọlé láti àná. Bí ilé bá ti gbẹ, a kì í da gárawà omi lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ méjì ni, lẹ́yìn ìyẹn a ó máa fi kún un."

Ó gbà, ó sì bi mí bóyá òun lè máa gbé àmàlà rẹ̀ tó fẹ́ràn wá. Mo ní kó tọ́jú rẹ̀ dè é.

Ọ̀rọ̀ kíkéré oúnjẹ yìí kì í ṣe ti àwa tí aláìsàn wa ti pẹ́ láìjẹun nìkan. Ìwádìí NUTRIREA-3 tí wọ́n ṣe ní Faransé, tó jáde ní 2023, fi 3,044 aláìsàn tó wà lórí ẹ̀rọ ìmí àti oògùn tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè ṣe àyẹ̀wò. Àwọn kan gba kálórì 6 péré fún kílò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn yòókù gba 25. Ikú kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó gba díẹ̀ tètè yá fún jíjáde kúrò ní wọ́ọ̀dù náà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wọn sì dín kù. N kò gbà pé ó yẹ ká máa fún gbogbo ènìyàn ní 6. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sáré kó 25 dé ní ọjọ́ kejì, kí ló ń sá fún?

Oúnjẹ alágolo tí wọ́n ń ta fún túùbù wọ́n ju agbára ẹbí yìí lọ, nítorí náà kíṣìnì wa ló ń ṣe é. Fún lítà kan: gíráàmù 80 mílíìkì ẹlẹ́bú tó lọ́ràá, gíráàmù 60 ẹ̀bú sóyà, gíráàmù 50 ẹ̀bú ògì, gíráàmù 15 ṣúgà àti mílílítà 10 òróró, kí omi sì gbé e dé lítà. Ó ń mú bíi kálórì 985 àti purotéènì gíráàmù 47 wá, èyí tó mú kí ìṣirò rọrùn: mílílítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kálórì kan. Sóyà gbọ́dọ̀ ti yan dáadáa kó tó di ẹ̀bú, nítorí èyí tí kò jinná ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí purotéènì dà. Wàhálà ògì ni pé ó máa ń ki bó bá tutù, á sì dí túùbù. Ìyá àgbà kan ní kíṣìnì ló máa ń fi ṣíbí kékeré kan ẹ̀bú ọkà bàbà tó ti hù sí i nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ ó rí i tí yóò máa já sí omi lójú yín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún un sè, wọ́n á sì fi aṣọ ìsẹ́gì tó mọ́ sẹ́ ẹ. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, nítorí a kò lè fi ọkàn tán iná mànàmáná pé fíríìjì yóò tutù dòru. Èyí tó bá ti jókòó ju wákàtí mẹ́rin lọ níta, dídànù ni.

A ń fún un ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ga díẹ̀ ju ọgbọ̀n dígíríì lọ. Mílílítà 45 lẹ́ẹ̀kan ni a fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ 360 lójúmọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, fọ́sífétì ti gun 0.81, potásíọ̀mù 3.9. A gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti 1,500, ìyẹn 1,050. Propofọ́ọ̀lù ṣì ń mú 264 wá, oúnjẹ di mílílítà 100 lẹ́ẹ̀kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, nọ́ọ̀sì fa mílílítà 280 padà láti inú ikùn, ó sì fẹ́ dá oúnjẹ dúró. Ikùn kò wú, kò bì. A kì í dá oúnjẹ dúró nítorí òǹkà yẹn nìkan, àyàfi bó bá ju 500 lọ láàárín wákàtí mẹ́fà. Oògùn ìrora ló ń mú ikùn lọ́ra. Wọ́n dá ohun tí wọ́n fà padà sínú rẹ̀, wọ́n fún un ní metokilopíràmáìdì, oògùn tí ń mú ikùn yára, oúnjẹ sì ń bá a lọ ní 100 náà. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, 90 ni wọ́n fà.

Ohun tó gba ojú jù ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni pé propofọ́ọ̀lù kì í dúró lójú kan. Ní òru ọjọ́ karùn-ún, ìyá náà wúkọ́ gan-an, wọ́n sì gbé e dé 20 ní wákàtí kan títí di òwúrọ̀. Bó bá jẹ́ pé ó wà bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjọ́, kálórì 528 ni. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó wálẹ̀ sí 5, tó jẹ́ 132. Ẹni tí kò bá tún ìṣirò ṣe láràárọ̀, yóò bọ́ ọ yó jù ní òru kan, yóò sì fi ebi pa á ní ọ̀sán kejì. Nítorí náà, a ya ìlà kan sínú ìwé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀: ohun tó wọlé gan-an láti sírínjì, ohun tó wọlé gan-an láti túùbù, àti purotéènì. Mo ní gan-an, nítorí àṣẹ ẹ̀ẹ̀mẹjọ máa ń di mẹ́fà tí wọ́n bá gbé e lọ ya àwòrán àyà, kò sì sẹ́ni tí ń kọ méjì tó fò.

Ní ọjọ́ kẹfà, oúnjẹ di mílílítà 1,200. Pẹ̀lú 132 ti propofọ́ọ̀lù, ó jẹ́ bíi 1,310. Kálórì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ṣùgbọ́n purotéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ gíráàmù 56, nígbà tí ohun tí a ń wá jẹ́ 1.3 fún kílò, ìyẹn 78. Ọgbẹ́ tí kálórì aláìnípurotéènì ń dá sílẹ̀ nìyí: ó ń gba àyè lórí àpapọ̀, purotéènì kì í sì rí ibi jókòó. Nígbà tí wọ́n dá propofọ́ọ̀lù dúró ní ọjọ́ keje, àyè ṣí. A mú oúnjẹ lọ sí 1,500. A yọ gíráàmù 15 ṣúgà inú lítà, a fi gíráàmù 15 ẹ̀bú sóyà dípò rẹ̀. Kálórì kò fi bẹ́ẹ̀ yí, purotéènì lítà kan sì di 52. Lítà kan àti ààbọ̀ jẹ́ 78 géérégé. Ó ki díẹ̀ sí i, ìyá kíṣìnì sì fi ẹ̀bú ọkà bàbà kún un. A kò lé purotéènì kọjá bẹ́ẹ̀: kíndìnrín rẹ̀ ti fara gbá nínú àìsàn yìí, kò sì sí ẹ̀rí pé ìlọ́po méjì ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Wọ́n yọ túùbù ọ̀fun rẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn tó ti mí fúnra rẹ̀ fún ìdajì wákàtí láìsí wàhálà. Fọ́sífétì rẹ̀ jẹ́ 1.02 ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Túùbù imú kò kúrò. Ohùn rẹ̀ há, omi tí wọ́n fi ṣíbí fún un sì mú un wúkọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kọ tó dán mì, ohun tó ń jẹ kò tó ìdajì ohun tó nílò, bó ti sábà máa ń rí. Nínú ìwé tí mo fi ṣọwọ́ sí wọ́ọ̀dù gbogbogbòò, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n máa fún un ní oúnjẹ túùbù lóru nìkan, 600, kí ebi lè pa á lọ́sàn-án, kí wọ́n má sì yọ túùbù àfi tó bá jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta 1,500 fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ méjì tẹ̀lé ara. Mo fi gègé pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má so dẹ́sítírósì-sálàìnì mọ́ ọn láìjẹ́ pé ó kọ kálórì rẹ̀ sínú ìlà.